Owó Ṣọ́ọ̀bù Lé Sí I: Ẹ Má Sáré Fi Owó Lé Ọjà

Tí owó ṣọ́ọ̀bù bá lé sí i, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré a fi owó lé ọjà, wọ́n a sì ṣírò iye tí wọn yóò tà kí owó tó pé. Tí iye náà bá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn wọn a balẹ̀. Èrò tiwa ni pé ìṣirò yẹn kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹni tó ń ta sóbò ṣe àpẹẹrẹ. ₦500 ni ó ń ta ìgò kan. Ìṣápá pupa, atalẹ̀, ṣúgà àti ìgò fúnra rẹ̀ ń gba ₦300. ₦200 tó kù ni àwa ń pè ní ìdáwó, nítorí ńṣe ni ìgò kọ̀ọ̀kan ń dáwó láti san owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọ iṣẹ́. ₦60,000 ni èyí lóṣù, ọjà tà, ọjà kò tà. Tí a bá fi ₦200 pín in, ìgò 300 ni yóò tà kí owó tó pé, láìjèrè, láìpàdánù. Tó bá ń ta 400, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Ìgò 100 tó lé ni àyè ààbò rẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin ọjà rẹ̀.

Wàyí o, onílé fi ₦15,000 lé owó ṣọ́ọ̀bù. Ìnáwó oṣù di ₦75,000. Tó bá ń tà á ní ₦500 síbẹ̀, owó kò ní pé àfi tó bá ta 375. Àyè ààbò rẹ̀ di ìgò 25 péré, èrè rẹ̀ sì di ₦5,000.

Ó wá sọ ọ́ di ₦600. Ìdáwó ìgò kan di ₦300, owó yóò sì pé ní ìgò 250. Ó dà bíi pé àyè ààbò rẹ̀ ti di 150. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà: ₦500 ló ń tà á nígbà tó ń ta 400. Iye tí yóò tà ní ₦600 ni kí á fi wọn àyè ààbò, kì í ṣe iye tó ti ń tà tẹ́lẹ̀. Tí ọjà bá já sí 300, àyè ààbò jẹ́ ìgò 50, èrè sì jẹ́ ₦15,000.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé: oníbàárà mélòó ló lè lọ kí ₦600 tó burú ju ₦500 lọ? Kó fi ₦5,000 tí ì bá jèrè kún ₦75,000, kó sì fi ₦300 pín in. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bí ìgò 267. Ìyẹn ni pé ọjà lè fi 133 dín, kó má sì kábàámọ̀. Tí ẹlòmíì bá ń ta sóbò ní ₦500 lódìkejì ọ̀nà, 133 kò jìnnà rárá.

Kó máa kọ ọjà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Tí kò bá tó 67, iye tuntun náà ti burú fún un ju ₦500 lọ.