Ìṣẹ́jú-Àáyá 30 fún Iṣu Tuntun
Ohun tó ń ba ìpolówó ọjà oko jẹ́ lórí rédíò Àbújà lásìkò ìkórè ni orin àti ìkíni tó ń jẹ àkókò tán kí wọ́n tó dárúkọ ọjà. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 kò gbà ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 80 lọ, bí ẹni tó ń kà á kò bá ní sáré. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ láti Kubwa kò ní bírò lọ́wọ́, nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Iṣu tuntun ti dé! Ọjà Zuba, Sátidé yìí, láti aago méje àárọ̀.” Lẹ́yìn náà ni iye owó: èló ni iṣu márùn-ún, èló ni múdù ẹ̀wà kan? “Owó pọ́ọ́kú” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ yọ nọ́ńbà fóònù kúrò, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀; ẹ fi àyè rẹ̀ tún ọjà àti ọjọ́ pè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì máa wo aago, kí ẹ tó sanwó.