Kí Ló Mú Ìlà Ọjà Mi Wó Lulẹ̀?

Ní Ìlerò níbí, mo kọ iye àpò àgbàdo tí mo tà sínú Excel láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà: 12, 15, “18 àpò”, òfo, 20, 17. Nígbà tí mo ní kí ó fi ìlà yà á, ìlà náà já lulẹ̀ dé òdo ní oṣù kẹta, ó sì gé ní oṣù kẹrin. Oṣù tí mo tà dáadáa ni ó sọ di oṣù àìtà!

“Àpò” tí mo lẹ̀ mọ́ 18 ni ó fà á. Excel kà á sí ọ̀rọ̀, ó sì fi òdo rọ́pò rẹ̀. Ẹ dán èyí wò:

```
=COUNT(B2:B7)
=COUNTA(B2:B7)
```

Èkíní ka iye nìkan, ó sọ 4; èkejì ka gbogbo àpótí tí a kọ nǹkan sí, ó sọ 5. Ibi tí wọn kò ti bára mu ni àléébù wà. Mo pa “àpò” rẹ́, ìlà sì dìde.

Ní ti oṣù kẹrin, ìwé ìtajà mi ni ó sọnù, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ lófo. Ẹni tí kò tà rárá ni kí ó kọ 0. Ó dìgbà o.