ṢÒKÒTÒ ÀGBÀBỌ̀ LÓJÚ-ÌWÉ FACEBOOK

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kàdúná, ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín wa tí àwa kò lè fara mọ́. Àwọn kan ń wí pé kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ wa tó ń wá oníbàárà lórí Facebook wọ kóòtù òun táì fún àwòrán ojú rẹ̀, kí ó sì fi ilé gogoro ìlú òyìnbó ṣe àwòrán gbọọrọ tó wà lókè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn pàtàkì ṣe ń rí. Àwa kò gbà. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

A kò wí pé àwòrán kò já mọ́ nǹkan. Ní ọdún 2006, Janine Willis àti Alexander Todorov ní Yunifásítì Princeton fi hàn pé bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí 10, ìdá 1 péré ti tó fún ènìyàn láti pinnu bóyá ojú kan ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ìpinnu náà lè ṣìnà, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a mú wẹ́dà kan ní Páńtẹ́kà. Àsansílẹ̀ géètì ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò rí i rí. Ohun tí ẹni náà ń rò ni pé: ṣé ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́? Bí mo bá wá a lọ, ṣé n ó bá a? Kóòtù yẹ lọ́yà, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí fún wẹ́dà. Aṣọ iṣẹ́ tó mọ́ àti ojú tó hàn láìsí gílásì dúdú ni ó dáhùn wọn.

Kí ó dúró lábẹ́ ibòji, kí ó kọjú síta síbi ìmọ́lẹ̀, nítorí oòrùn ọ̀sán a máa fi òjìji bo ẹyinjú. Kí ojú àti èjìká rẹ̀ kún àwòrán náà, nítorí a óò gé e róbótó, yóò sì kéré bí owó ẹyọ. Bí a bá na fóònù síwájú tí a kò dá a mọ̀, ọ̀nà jíjìn ni a ti yà á.

Kí àwòrán òkè jẹ́ géètì tí òun fúnra rẹ̀ jó, tí ó ti dúró lẹ́nu ọgbà. Lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán yìí fẹ̀ ju ìlọ́po 2 gíga rẹ̀ lọ. Lórí fóònù kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà etí rẹ̀ méjèèjì a máa gé kúrò. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí igun ti sọ ọ́ nù. Àárín ni kí géètì àti nọ́ńbà wà, kí a sì wò ó lórí méjèèjì.

Ẹni tó bá jí àwòrán géètì ẹlòmíràn, kí ó mọ̀ pé oníbàárà lè fi Google Lens wá a. Bí géètì kan náà bá yọ lójú-ìwé ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, àsansílẹ̀ ti lọ nìyẹn, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá.

Àwòrán òtítọ́ kò lè sọ ọ̀lẹ di oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń polówó kóòtù dá wa lóhùn: nígbà tí oníbàárà bá dé Páńtẹ́kà, ta ni yóò máa wá kiri, wẹ́dà ni tàbí lọ́yà?