Ọjọ́ Wo Ni, Mà?

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di ọ̀gá lórí òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ohun tí mo kọ nípa obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì wa nínú ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún ni pé: "Kì í fi ọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́." Ó kà á kí ó tó buwọ́ lù ú, ó sì bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Mo ṣí ìwé tí a ń fọwọ́ sí láràárọ̀. Ìgbà 9 ló pẹ́ dé ní gbogbo ọdún. 8 nínú rẹ̀ bọ́ sí oṣù kọkànlá, nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ìwé náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ló kún ojú mi. Ìwé ìgba-fáìlì sì fi hàn pé nínú fáìlì 240 tí a béèrè, 231 ló wá jáde lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo tún un kọ: "Fáìlì 231 nínú 240 jáde lọ́jọ́ tí a béèrè wọn. Ó pẹ́ dé ní ìgbà 9, 8 nínú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá." Ó buwọ́ lù ú láìjiyàn.

Ẹlòmíràn wà tí mo kọ "òṣìṣẹ́ rere" fún. Ìyìn yẹn náà ṣófo: àwọn tó ń gbéni ga kò rí ohun kan dì mú níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ohun méjì tí mo rí nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Èyí tí n kò bá lè dá ọjọ́ rẹ̀, n kì í kọ ọ́.