“Ó Ní Ìnṣọ́ránsì” Kì í Ṣe Ìdáhùn

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń yá ara wa ní mọ́tò. Gbólóhùn náà ni “ó ní ìnṣọ́ránsì.” N kò sọ pé irọ́ ni. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, nítorí ọkàn ẹni tó béèrè á balẹ̀, síbẹ̀ kò tíì mọ ohunkóhun. Gbólóhùn yìí ló jẹ owó tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọdún méjì tọ́jú.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. A ní ìkómọ ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi kó kúlà oúnjẹ àti àwọn àǹtí wa méjì láti Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Kòrólà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó tọrọ mọ́tò náà fún ọjọ́ kan, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í ṣe. Ó béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ní ìnṣọ́ránsì?” Bàbá náà dáhùn pé, “Ó ní, ọmọ mi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo ṣe é.” Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní Mọ́níyà, Sìẹ́nà kan tó wà níwájú rẹ̀ tẹ búréèkì lójijì. Ẹ̀gbọ́n mi ti sún mọ́ ọn jù. Ó kọlù ú láti ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ńpà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Sìẹ́nà náà tẹ̀ wọnú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì Kòrólà ká sókè, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì fọ́, rédíétọ̀ sì ń da omi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni pé, “Ìnṣọ́ránsì wà.”

Ìnṣọ́ránsì wà lóòótọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kó ìwé ọlọ́pàá, fọ́tò àti iye tí pánẹ́ẹ̀bítà dá lé àtúnṣe lọ síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò san 310,000 náírà fún oní-Sìẹ́nà. Àtúnṣe Kòrólà jẹ́ 690,000 náírà. Nínú èyí, kọ́bọ̀ kan kò jáde. Ìwé tí ọ̀rẹ́ bàbá mi ní ni èyí tí gbogbo wa ń pè ní tọ́ọ̀dì-pátì, ìyẹn ìwé ẹni kẹta.

Mo ti bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ta ni ẹni kẹta yìí. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ẹni tó bá wa mọ́tò yàtọ̀ sí olówó rẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni kìíní ni ẹni tó ra ìwé náà, ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ tó tà á, ẹni kẹta sì ni ará ìta tí mọ́tò náà bá ṣe léṣe tàbí tó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́. Ará ìta yìí ni òfin ń dáàbò bò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi jẹ́ dandan, tí owó rẹ̀ sì kéré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìdójútòfò ní Nàìjíríà sọ ọ́ di 15,000 náírà lọ́dún fún mọ́tò àdáni, láti 5,000. Bí dúkìá ẹlòmíràn bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí a ra ìwé náà fún gan-an kò sí nínú rẹ̀. Bó jóná, bí wọ́n jí i, bó kọlu ògiri, ọ̀rọ̀ olówó rẹ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń wà á, ọ̀rọ̀ di ti àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ogún ọdún ti máa ń di ọ̀tá.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n mi ni, ó yẹ kó fi àyè sílẹ̀. Mo gbà. Òun náà gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ń ra ìdójútòfò nítorí ọjọ́ tí kò ní ṣàṣìṣe? Ohun tí mò ń bá wọn jà sí ni pé àgbàlagbà méjì dúró lójú kan, ọ̀kan béèrè, èkejì dáhùn, àwọn méjèèjì sì lọ pẹ̀lú èrò tó yàtọ̀ pátápátá síra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa Kòrólà. Olówó Kòrólà ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí ọlọ́pàá kò ní fi dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ má sì rò pé àìgbọ́n ilẹ̀ wa nìkan ni. Nígbà tí ìròyìn yìí dé etí àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester, ó pè wá, ó sì sọ pé ìwé ìdójútòfò mọ́tò òun gba òun láàyè láti wa mọ́tò ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ti ẹni kẹta nìkan ni. Bó bá yá mọ́tò aládùúgbò rẹ̀ tó sì kọlu òpó iná, òpó iná nìkan ni wọ́n á san. Kòrólà ti Mọ́níyà náà ni, òyìnbó ló kàn kọ ọ́.

Àǹtí mi tún sọ ohun tójú rẹ̀ rí nígbà tó háyà mọ́tò fún ọjọ́ márùn-ún. Nínú owó ìháyà ni ohun kan wà tí wọ́n kọ sínú ìwé pé CDW. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní ìnṣọ́ránsì. Ní ti òtítọ́, ìlérí ni. Ilé-iṣẹ́ tó ni mọ́tò ń ṣèlérí pé bí o bá bà á jẹ́, àwọn kò ní gba gbogbo owó àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ, àyàfi iye kan tí wọ́n dá sílẹ̀. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀sẹ́ẹ̀sì. Ti àǹtí mi jẹ́ 1,200 pọ́n-ùn, wọ́n sì ti so ó mọ́ káàdì báńkì rẹ̀ kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, bí àtúnṣe bá jẹ́ 5,000, 1,200 ni yóò san. Bó bá jẹ́ 800, gbogbo rẹ̀ ni yóò san. Ọ̀pọ̀ ìkọlù sì jẹ́ ti 800, kì í ṣe ti 5,000.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà náà sọ fún un pé bó bá fi 22 pọ́n-ùn kún un lójúmọ́, ẹ̀sẹ́ẹ̀sì á di òfo. Ọjọ́ márùn-ún, 110 pọ́n-ùn. Àǹtí mi kọ̀, nítorí ó ti ra ìwé kan sílẹ̀ nílé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò mìíràn, èyí tó ń dá ẹ̀sẹ́ẹ̀sì padà, kò sì ná an tó 30. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha òpó nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilé-iṣẹ́ ìháyà yọ 780 pọ́n-ùn láti inú káàdì rẹ̀. Ó fi ìwé àdéhùn, rìsíìtì àti fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó ta ìwé kejì fún un, wọ́n sì dá owó náà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní láti ní 780 náà lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà o. Ẹni tí kò bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ nípamọ́, bóyá kó san 110 náà.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó ka ìwé náà tán kó tó kúrò ní káńtà. Ó rí i pé ìlérí yẹn kò kan táyà, gíláàsì, òrùlé àti abẹ́ mọ́tò. Ó tún rí i pé bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé bá wà á, ìlérí ti já nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí orí ń fọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ ní kó bọ́ síbòmíràn kí òun wà á dé ilé. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò ní ẹ̀bá ọ̀nà fún wákàtí kan títí orí fi rọ̀ ọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà á wá sọ pé ọmọ kékeré kì í ní kí àgbà mú ìwé jáde. Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń di ẹrù yìí lé ẹni tó ni mọ́tò lórí, kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ. Kí olówó mọ́tò fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kó tó na kọ́kọ́rọ́: “Tọ́ọ̀dì-pátì ni. Bí o bá bà á jẹ́, báyìí la ó ṣe pín in.” Bó bá jẹ́ ìwé tó bo mọ́tò fúnra rẹ̀ ni, kó sọ bóyá ó gba ẹlòmíràn láàyè láti wà á, nítorí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ẹni tó bá ní ìyọ̀ǹda olówó àti láísẹ́ńsì ìwakọ̀. Kó sì rántí pé bí òun bá gba owó ìháyà lórí mọ́tò tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ìlò àdáni, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti san. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tí a fi ṣe ọ̀rẹ́ lójúmọ́ lè pa mílíọ̀nù.

N kò ní kí gbogbo ènìyàn lọ ra ìwé tó bo mọ́tò fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́fà, 300,000 náírà lọ́dún. Owó ilé-ìwé mi àti ti àbúrò mi nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní in kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n sísọ òótọ́ nípa ìwé tó wà nílẹ̀ kò náni ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi san 690,000 náà. 400,000 jẹ́ owó ẹ̀rọ ìránṣọ tó fẹ́ rà, bàbá mi sì fi ìyókù kún un. Ọ̀rẹ́ bàbá mi gbà á, ṣùgbọ́n kì í yà sílé wa mọ́ bí ó ti máa ń ṣe lọ́jọ́ Sunday.

Ní oṣù tó kọjá, aládùúgbò wa kan wá tọrọ mọ́tò bàbá mi láti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó béèrè bóyá ó ní ìnṣọ́ránsì. Bàbá mi kò dáhùn. Ó wọ yàrá lọ, ó mú ìwé náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti ẹni kẹta ni. Ó ní, “Bó o bá kọlu ẹlòmíràn, wọ́n á san tiẹ̀. Tèmi, ìwọ ni o máa tún un ṣe. Ṣé o ṣì fẹ́?” Ọkùnrin náà wo ìwé, ó wo mọ́tò, ó ní òun á wọ bọ́ọ̀sì.