Ìwé Ẹ̀sùn Iná Kì í Ṣe Ìwé Ẹ̀bẹ̀

Ìyá alákàrà kan ní àdúgbò wa ní Kétu gba ìwé owó iná tó ní ó lo ìwọ̀n 585 ní oṣù Kẹta. Fìríìjì kékeré kan àti gílóòbù mẹ́ta ló ní. Ọmọ rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn ojú ewé méjì: olè ni wọ́n; lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣàánú opó, kí wọ́n dín owó kù. Ó fẹ́ kí baálẹ̀ buwọ́ lù ú.

A ní rárá. Àwa tí a jókòó nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ pẹ́ mọ̀ pé kò sí ohun tí akọ̀wé lè fi ìwé yẹn ṣe. Kò sí nọ́mbà oníbàárà níbẹ̀, kò sí nọ́mbà kọ́ntà, kò tilẹ̀ sí oṣù. Bí baálẹ̀ bá pe ọ̀gá wọn, nọ́mbà yẹn náà ni ọ̀gá yóò béèrè.

A lọ wo kọ́ntà. Nọ́mbà ara rẹ̀ bá tinú ìwé mu, nítorí náà kì í ṣe ti aládùúgbò ni wọ́n gbé fún un. Ìwé ní kọ́ntà kúrò ní 4231, ó dé 4816 ní ìparí oṣù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, 4342 la bá lójú rẹ̀. Kọ́ntà kì í padà sẹ́yìn! Ẹni tó kà á ló pe 3 ní 8: 4316 ni, ìyẹn ìwọ̀n 85 péré.

A pa ojú ewé méjì rẹ́. Lẹ́yìn nọ́mbà méjèèjì àti oṣù, ohun tó kù nìyí:

«Ẹ kọ 4816 fún wa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, kọ́ntà ṣì wà ní 4342; àwòrán rẹ̀ nìyí. A gbà pé 4316 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tún un kà, ẹ fagi lé ìwé owó náà, ẹ ṣe òmíràn, ẹ sì fi 4316 rọ́pò 4816 nínú àkọsílẹ̀ yín. Ẹ má gé iná kí ẹ tó dáhùn.»

Ọmọ náà bi wá pé, «Bàbá, ṣé kí wọ́n dín owó kù kò tó ni?» Kò tó. Bí 4816 bá wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, oṣù tó ń bọ̀ nọ́mbà àtijọ́ yóò ju tuntun lọ, wàhálà á tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún fẹ́ ṣírò owó fúnra rẹ̀. A ní kó fi sílẹ̀, torí owó orí tún wà lórí rẹ̀. Bí ìṣírò wa bá ṣì, ibẹ̀ ni wọn yóò dì mú.

Ẹ̀dà méjì ni ìyá gbé lọ. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì, ó sì gbé e bọ̀ wálé. Títí a fi ń kọ èyí, wọn kò tíì wá ka kọ́ntà, ṣùgbọ́n wọn kò gé iná rẹ̀.