Kò bú ẹ o, èdè ẹ̀ ló ń sọ

Tó o bá ti jókòó sítòsí àwọn ọmọ Ṣáínà tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ rí, yálà níbi iṣẹ́ ojú irin ni o tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣeé ṣe kí etí ẹ ti ta lójijì. Ọ̀kan nínú wọn á dúró díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, á wá ní, "néìgẹ, néìgẹ, néìgẹ..." Létí ẹni tó bá ń gbọ́ ráàpù àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, ńṣe ló máa dà bí ọ̀rọ̀ burúkú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà N, èyí tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń tàbùkù ènìyàn dúdú láti ayé ẹrú. Inú á kọ́kọ́ ru. Àmọ́ ẹni yẹn ò tiẹ̀ ro tìẹ rárá. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ló ń wá.

"Ìyẹn" ni ìtumọ̀ "néìgẹ". Tí ọ̀rọ̀ bá sọnù mọ́ ọmọ Ṣáínà lẹ́nu, òun ló fi ń dí àlàfo, bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé "kinní... kinní yẹn... kinní ọ̀hún". Ẹ má sì gbàgbé pé "kinní" tiwa yìí fúnra ẹ̀ ò mọ́ tónítóní. Òun kan náà la fi ń dárúkọ ẹ̀yà ara tá ò fẹ́ dárúkọ.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, "náà-gẹ" ló yẹ kí wọ́n pè é. "Náà" yẹn ló túmọ̀ sí "yẹn", ó sì jọ "náà" tiwa nínú "ọkùnrin náà" gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò bára tan. Lẹ́nu ọjọ́ gbogbo, pàápàá lápá àríwá Ṣáínà, wọ́n máa ń ki "náà" mọ́ "íì", tó túmọ̀ sí "ọ̀kan", ó wá di "néì". Látibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "náà-gẹ" ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ta ló ń ṣọ́ ẹnu nígbà tó bá ń wá ọ̀rọ̀?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Greg Patton ń kọ́ àwọn tó ń gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà, lórí Zoom. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀ ló ń kọ́ wọn, ó sì dé orí àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń dí àlàfo. Ó ní gbogbo èdè ló ní irú ẹ̀, ó wá mú àpẹẹrẹ láti Ṣáínà. Ó pe "néìgẹ" léraléra, bí àwọn tó ni ín ṣe ń pè é.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú kan kọ̀wé ẹjọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà gún àwọn lọ́kàn, àti pé bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe pè é ò tiẹ̀ jọ ti Ṣáínà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé kíláàsì náà fún ẹlòmíì. Àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ṣáínà, wá kọ lẹ́tà tiwọn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ń sọ lójoojúmọ́ ayé ni. Nígbà tí ìwádìí máa parí, wọ́n ní ọkùnrin náà ò rú òfin kankan.

Èmi ò lè sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn pé kó má dùn wọ́n. Oṣù kárùn-ún ọdún yẹn ni ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, ọgbẹ́ ṣì tutù. Etí kì í dúró bi èèyàn léèrè kó tó gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ì bá ti fi gbólóhùn kan ṣáájú: "Ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ tó máa jọ èébú létí yín, kì í ṣe òun o." Ìyẹn ì bá tó. Àwọn aláṣẹ ilé ìwé ni mo rò pé ó jẹ̀bi jù, torí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn kí ìwádìí tó parí. Ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà délé ì bá ti yanjú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ti ọ̀rọ̀ yẹn, àwa la ni etí. Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tó ti jẹ́ pé àwa la ni ẹnu.

"Búra." Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni létí Yorùbá. Èèyàn kì í fi ṣeré, torí orúkọ Ọlọ́run, Kùránì, Bíbélì tàbí irin ló máa ń bá a rìn. Lédè Haúsá, "bura" ni orúkọ tí kò ṣeé pè níwájú àgbà fún nǹkan ọkùnrin. Tí wọ́n bá wá so ó mọ́ "uba", tó túmọ̀ sí bàbá, ó ti di èébú tó ń fa ìjà nìyẹn.

Ká ní ọmọ Yorùbá kan lọ ra tòmátì ní Mile 12. Ọkùnrin tó ń tà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò dé, kò tíì gbọ́ Yorùbá ju orúkọ owó lọ. Oníbàárà ní iye tí òun rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá ò tó báyìí. Ọkùnrin yẹn ò gbà. Oníbàárà bá gbọ́wọ́ sókè: "Alàájì, mo fi Álàá búra!" Ó rò pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ tó mọ́ jù lọ lẹ́nu òun. Ohun tí ọkùnrin yẹn sì gbọ́ ni orúkọ Ọlọ́run àti ìhòòhò nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwọn Haúsá tó ti pẹ́ ní Èkó á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ti mọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ojú ẹ̀ máa kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èébú ni, kó wo àwọn tó yí ọ̀rọ̀ náà ká. Èébú tiwọn máa ń mú bàbá dání lẹ́yìn ni, a sì máa tọ́ka sí "tìẹ". Nínú ìbúra tiwa, ohun tí a fi búra ló ń ṣáájú, ọ̀rọ̀ sì sábà máa ń parí síbẹ̀. Bákan náà ni "néìgẹ": á wá lójú ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há, ẹni tó ń sọ ọ́ ò ní wojú ẹnikẹ́ni, á sì tún un pè ṣáá títí ohun tó ń wá fi dé ẹnu ẹ̀.

Àwọn kan wà ṣá o tó ti mọ èyí tán, tó wá ń fi ṣe bojúbojú. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà kankan, àmọ́ tó ń pe "néìgẹ" sí ènìyàn dúdú lójú nínú fídíò, tó sì ń rẹ́rìn-ín, kó má sọ fún mi pé èdè ló ń kọ́.

Ní ti ọjà tòmátì, ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀. Haúsá ń sọ "wàláhì", Musulumi Yorùbá ń sọ "wọ́láì". Inú èdè Lárúbáwá ni àwọn méjèèjì ti yá a, ìtumọ̀ ẹ̀ ò sì yí padà: mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Sọ ìyẹn fún Alàájì, á gbọ́ ẹ yé. Bóyá ó máa din owó tòmátì kù, ìyẹn ọ̀tọ̀.